Ta Ni Yóò Bá Yín Tọ́jú Ajá Tí Ẹ Bá Rìnrìn Àjò Ọdún?

Tí oṣù Kọkànlá bá ti ń parí lọ, àwọn tó ń bá èèyàn tọ́jú ajá ní Èkó àti Ìbàdàn kì í ní àyè mọ́. Àwọn kan fẹ́ lọ ṣọdún nílùú wọn, àwọn mìíràn ń lọ sókè òkun, ajá kò sì ṣe é kó mọ́ àwọn ọmọ àti ẹrù nínú mọ́tò. Ìgbà náà ni onílé yóò wá máa pe ẹni yìí, yóò máa pe ẹni yẹn: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àyè ṣì wà lọ́dọ̀ yín?" Tí wọ́n bá ní ó wà, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sì gbé ajá lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó ń rìnrìn àjò gan-an. Bí ọ̀pọ̀ ajá ṣe ń kó àrùn nìyẹn. Ibi tí ajá pọ̀ sí ni àrùn ajá pọ̀ sí, ohun tó sì lè dáàbò bo ajá yín níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi ajá kan ṣàlàyé rẹ̀. Ká pè é ní Bíńgò. Akọ ni, ó ti pé ọdún mẹ́rin, àdàlù Alsééṣàn àti ajá ìbílẹ̀, ó sì wọn kílò 25. Ìbàdàn ni àwọn tó ni ín ń gbé. Wọ́n fẹ́ kúrò nílé ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá, wọ́n á sì padà dé ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní. Òru mẹ́rìndínlógún ni Bíńgò yóò sùn níta. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ ni nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá, oṣù kan gbáko ṣáájú, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ.

Ohun tó fà á ni pé abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í dáàbò bo ajá lọ́jọ́ tí wọ́n gún un. Ara ajá ni yóò lo àkókò láti mọ àrùn náà kó lè bá a jà. Tí Bíńgò bá ti ń gba abẹ́rẹ́ páávò àti dísítẹ́ḿpà láti kékeré, tó wá kù kí wọ́n gún un lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀sẹ̀ méjì ti tó kí ara rẹ̀ gbáradì. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé kò gbà á rí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa gún un, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni yóò sì wà láàárín èkínní àti èkejì. Ti dìgbòlugi náà tún wà: tó bá jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ ni, ọjọ́ 28 ni wọ́n máa ń kà kí wọ́n tó gbà pé ó ti múlẹ̀. Ẹ ka ọjọ́ 28 yẹn sẹ́yìn láti ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá, ẹ ó rí i pé àkókò kò pọ̀ rárá.

Ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin ní tirẹ̀, mi ò rò pé ó yẹ kí a gbé e lọ síbi tí ajá pọ̀ sí. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tíì parí, páávò sì fẹ́ràn irú wọn. Ẹni tí yóò wá bá a nílé ni kí ẹ wá fún un.

Níbi abẹ́rẹ́ yìí, ẹ kíyè sí ẹni tó ń gún un. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ki abẹ́rẹ́ sápò rìn kiri àdúgbò, tí wọ́n á gún ajá lójúde, tí wọ́n á sì buwọ́ lu káàdì. Inú òtútù, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́sìọ́sì, ni abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà láti ibi tí wọ́n ti ṣe é títí di ìgbà tí wọ́n máa gún un. Èyí tó ti jókòó sínú àpò nínú oòrùn ọ̀sán lè má wúlò ju omi lọ, káàdì ajá yín á sì máa sọ ohun tí ara rẹ̀ kò mọ̀. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà, ti FUNAAB ní Abẹ́òkúta wà, àwọn dókítà ẹranko aládàáni tó ní fìríìjì àti ẹ̀rọ tó ń gbé e nígbà tí iná bá lọ náà sì wà káàkiri. Káàdì gidi máa ń ní bébà kékeré tí wọ́n yọ lára ìgò oògùn lẹ̀ mọ́ ọn, ọjọ́ tí wọ́n gún un, ọjọ́ tí ó tún kàn, àti òǹtẹ̀ dókítà.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá lọ wo ibi tí ẹ fẹ́ fi ajá sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ọ̀dà tuntun àti àwòrán ojú Wọ́sáàpù máa ń tàn. Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kòkòrò páávò lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó lè lé ní ọdún kan, lẹ́yìn tí ajá tó gbé e wá ti kúrò níbẹ̀. Ọṣẹ kì í pa á, èyí tó pọ̀ jù nínú omi olóòórùn dídùn tí à ń fi nulẹ̀ kì í pa á. Búlíìṣì máa ń pa á, ṣùgbọ́n kìkì tí wọ́n bá kọ́kọ́ kó ìgbẹ́, tí wọ́n fọ ilẹ̀ mọ́, kí wọ́n tó wá da búlíìṣì tí wọ́n pò mọ́ omi sí i, ìwọ̀n kan búlíìṣì sí ogún tàbí ọgbọ̀n ìwọ̀n omi, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó ṣàn án. Tí wọ́n bá da búlíìṣì lé ìgbẹ́ lórí, ìgbẹ́ náà á pa agbára rẹ̀. Nítorí náà, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó dán, tó dagun díẹ̀ kí omi lè ṣàn lọ sí gọ́tà, ṣe é fọ̀ dáadáa. Iyẹ̀pẹ̀ lásán kò ṣe é fọ̀. Ibi tó jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ látòkèdélẹ̀, tí ajá oríṣiríṣi ti gbé níbẹ̀, ẹ̀rí ara ajá yín nìkan ló kù tí ẹ ní níbẹ̀.

Ẹ bi ẹni tó ni ibẹ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi ń fọ ilẹ̀, báwo lẹ sì ṣe ń fọ̀ ọ́?" Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ṣàlàyé láìbínú, ó tiẹ̀ lè ní kí ẹ ti ẹsẹ̀ bọ inú omi oògùn kí ẹ tó wọlé. Ìyẹn kì í ṣe ìwọ̀sí. Àmì dáadáa ni.

Lẹ́yìn ilẹ̀, ẹ gbójú sókè wo ògiri. Eégbọn tó wọ́pọ̀ lára ajá wa, èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀, kì í ṣe ti inú koríko nìkan. Inú ilé gan-an ló fẹ́ràn. Tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, á já bọ́ lára ajá, á gun ògiri, á wọ inú ibi tí sìmẹ́ńtì ti là tàbí ẹ̀gbẹ́ férémù ilẹ̀kùn, á sì yé ẹyin tó lè lé ní ẹgbẹ̀rún síbẹ̀. Àgbà eégbọn lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹun, kó máa retí ajá tó ń bọ̀. Ẹ wo ibi tó tó ìwọ̀n àyà èèyàn sókè, ẹ wo kọ̀rọ̀, ẹ wo etí ilẹ̀kùn. Tí ẹ bá rí àwọn nǹkan roboto tó ń rìn lórí ògiri, ẹ má fi ajá yín sílẹ̀ níbẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ sọ pé ọ̀la ni wọ́n máa fín in. Ẹyin àti àwọn tó wà nínú pàlàpálá ògiri kì í kú tán pẹ̀lú fífín ẹ̀ẹ̀kan.

Ohun tí mo fi ń tẹnu mọ́ eégbọn tó báyìí ni ibà tó ń kó ran ajá. Kòkòrò kan ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ tó sì ń fọ́ ẹ̀jẹ̀, òmíràn sì ń ba ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì jẹ́. Àwọn méjèèjì kì í fara hàn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí eégbọn bù ú jẹ ni ajá á tó dùbúlẹ̀, nígbà yẹn ẹ ti gbé e délé, ẹ ti san owó, ẹ sì ti dúpẹ́. Ìdí nìyẹn tí Bíńgò fi gbọ́dọ̀ jẹ oògùn eégbọn ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kó tó lọ. Ó ní èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún oṣù kan, ó sì ní èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ẹ sọ fún dókítà tí ajá bá ti ní wárápá rí, torí pé irú oògùn yìí lè gbé wárápá dìde lára ajá tó ní i. Ẹ má sì tan ara yín jẹ pé eégbọn kò ní sún mọ́ ọn rárá: oògùn náà ń pa á lẹ́yìn tó bá ti bu ajá jẹ ni, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń pa á kó tó pé ọjọ́ kan, ìyẹn sì ń dín ewu ibà náà kù gan-an.

Mo fẹ́ kí ẹ tún béèrè ìbéèrè kan tí àwọn èèyàn kì í béèrè, nítorí pé ọ̀sán ni wọ́n ń lọ wo ibẹ̀. Ta ló ń sùn níbẹ̀ lálẹ́? Kì í ṣe ọlọ́dẹ tó jókòó sẹ́nu géètì. Ẹni tó lè gbọ́ ajá, tó lè ṣílẹ̀kùn, tó sì ní nọ́ńbà dókítà lọ́wọ́ ni mò ń sọ. Ajá ńlá tí àyà rẹ̀ jìn, irú Alsééṣàn, lè jẹun tán nírọ̀lẹ́ kí ikùn rẹ̀ wú kó sì lọ́ pọ̀ nínú. Á máa gbìyànjú láti bì, nǹkan kan kò ní jáde àfi itọ́, ikùn á le bí ìlù. Wákàtí díẹ̀ ló ní láti wà láàyè tí wọn kò bá gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Tó bá jẹ́ agogo mọ́kànlá alẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀, tí ẹni tó ń bọ́ wọn sì ń bọ̀ ní agogo méje àárọ̀, òkú ni wọ́n máa bá.

Alẹ́ ni bángà náà máa ń pọ̀ jù, pàápàá láti ọjọ́ Kérésì títí di àfẹ̀mọ́jú ọdún tuntun. Ajá tí kì í bẹ̀rù èèyàn lè fi orí la nẹ́ẹ̀tì já nígbà tí ariwo bá dún, ọ̀pọ̀ ajá tó sọnù ló jẹ́ pé irú òru bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sá lọ. Nítorí náà ẹ wo ilẹ̀kùn: ó yẹ kí méjì wà láàárín ajá àti títì, kí a tó lè ṣí èkejì kí èkínní ti wà ní títì. Ẹ wò ó bóyá òrùlé wà lórí ibi tí wọ́n ti ń sáré, nítorí pé ajá tó ń bẹ̀rù lè gun ìdènà tó ga ju èèyàn lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní oògùn oorun lásán. Oògùn tí ọ̀pọ̀ ń lò máa ń mú kí ara ajá rọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà wà nínú rẹ̀ síbẹ̀, kò kàn lè sá ni. Dókítà ní èyí tó ń mú ẹ̀rù fúnra rẹ̀ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé a ti dán an wò nílé rí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ mọ́ ilẹ̀ wa gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gba ajá sílé ló tún ń ta ọmọ ajá. Wọ́n ní akọ àti abo tiwọn, ajá oníbàárà sì ń gbé láàárín wọn. Tí abo yín bá ń wá akọ ní àsìkò náà, tàbí tó bá súnmọ́ ọn, akọ kan á gùn ún, nítorí pé nẹ́ẹ̀tì ṣákálá kì í dí akọ ajá lọ́wọ́. Tó bá sì jẹ́ akọ dáadáa ni ẹ ní, ẹnì kan lè fi gun abo fún owó láìsọ fún yín. Ohun tó burú níbẹ̀ ju oyún lọ ni kókó kan tó ń ti ara ajá kan bọ́ sí ara òmíràn nígbà tí wọ́n bá ń gùn, tàbí nígbà tí wọ́n bá ń fẹnu lá ojú ara ara wọn. Kókó jẹjẹrẹ ni, ẹ̀jẹ̀ á máa kán ní ojú ara, ó sì lè tó oṣù díẹ̀ kí ẹ tó rí i. Ó wọ́pọ̀ lára ajá ní Nàìjíríà, wọ́n sì ń wò ó sàn pẹ̀lú oògùn tí wọ́n ń fà sínú iṣan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n owó àti ìrora ni. Tí ẹ bá ní abo tí wọn kò tíì gé ilé ọmọ rẹ̀, ẹ ka ọjọ́ tó wá akọ kẹ́yìn. Oṣù mẹ́fà sí méje ló sábà máa ń wà láàárín, ó sì ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tó bá bọ́ sí àárín ìrìn àjò, ẹ má gbé e lọ sí kẹ́nẹ́lì olówò ọmọ ajá.

Fún irú abo bẹ́ẹ̀, fún ọmọ ajá, fún ajá arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, àti fún ajá tó máa ń gbọ̀n tó bá rí ajá mìíràn, ẹni tó máa wá bá a nílé ló dára jù. Ajá á sùn sórí ibi tó mọ̀, kò sì ní pàdé àrùn ẹlòmíràn. Àléébù rẹ̀ ni pé gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, a sì sábà máa ń fi í lé ẹni tó wà nítòsí lọ́wọ́ láìdán an wò. Ajá tó ń ṣọ́ ilé tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ó lè máa mirù fún ọmọ àbúrò yín nígbà tí ẹ wà níbẹ̀, kó wá má jẹ́ kó wọ géètì lọ́jọ́ tí ẹ kò sí. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹni náà ti máa wá. Kí òun fúnra rẹ̀ gbé oúnjẹ fún ajá lójú yín, kó fi okùn sí i lọ́rùn, kó mú un jáde. Lẹ́yìn náà kí ẹ jáde kúrò nílé láti àárọ̀ dalẹ́, kó dá wọlé fúnra rẹ̀. Tí ajá bá jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí yín nílé, ẹ lè lọ sùn síta ní òru kan. Tí kò bá jẹun, tàbí tó ń kùn mọ́ ọn, ẹ ti mọ̀ ní àsìkò tí ẹ ṣì lè wá ẹlòmíràn.

Àwọn ará wa tó wà ní Ìlú Ọba ní ìrànlọ́wọ́ òfin níbi ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí wọ́n lò ó. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ní Ińgíláǹdì, ẹnikẹ́ni tó ń fi gbígba ajá oníbàárà sílé rẹ̀ ṣòwò gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ káńsù, yálà kẹ́nẹ́lì ńlá ni tàbí yàrá ilé rẹ̀. Ìwé náà máa ń ní ìràwọ̀, láti ọ̀kan sí márùn-ún, ó sì máa ń sọ iye ajá tó lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ní kó fi hàn yín. Òfin yẹn kò kan ẹni tó ń wá sílé yín láti tọ́jú ajá, nítorí náà ìdánwò tí mo ṣàlàyé lókè yìí ṣì wúlò fún un.

Ká padà sọ́dọ̀ Bíńgò. Àwọn tó ni ín ti rí kẹ́nẹ́lì tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì, tí ẹnì kan ń sùn níbẹ̀, tí wọn kò sì gba ajá kankan láìwo káàdì rẹ̀. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kó sùn níbẹ̀ ní òru kan lẹ́yìn ìyẹn. Òru kan yẹn á sọ ohun púpọ̀: ṣé ó jẹun, ṣé ó gbó títí ilẹ̀ fi mọ́, ṣé ìgbẹ́ rẹ̀ dì. Ó tún ń kọ́ ajá ní ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ẹnu sọ fún un, pé ẹ máa ń padà wá.

Oúnjẹ ló sábà máa ń da ikùn rú. Ajá tó ti fi ẹ̀bà àti ẹja dàgbà, tí wọ́n wá ń fún ní oúnjẹ gbígbẹ inú àpò láti ọjọ́ kìíní, á ṣu gbuuru kó tó di ọjọ́ kẹta, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kò sì ní mọ̀ bóyá àrùn ni tàbí oúnjẹ. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè gbé oúnjẹ tó mọ̀ fún wọn, tí wọ́n bá gbà láti máa sè é. Tàbí kí ẹ máa yí oúnjẹ rẹ̀ padà nílé fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, kí ẹ máa fi díẹ̀ tuntun sínú èyí tó mọ̀, kí tuntun máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́ títí yóò fi jẹ́ òun nìkan ló kù. Tí Bíńgò bá ń jẹ nǹkan bí gíráàmù 350 oúnjẹ gbígbẹ lóòjọ́, òru mẹ́rìndínlógún á jẹ́ kílò 5 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Kí wọ́n di kílò 6 àti ààbọ̀, nítorí pé mọ́tò lè pẹ́ lọ́nà. Kí wọ́n pín in sínú ọ̀rá kéékèèké, ti àárọ̀ lọ́tọ̀, ti alẹ́ lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà máa fojú díwọ̀n.

Kí wọ́n di aṣọ kan mọ́ ọn, ìró àtijọ́ tàbí aṣọ ìnura tí ará ilé ti lò, kí wọ́n má fọ̀ ọ́. Òórùn ilé ló wà lára rẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí ajá tètè dùbúlẹ̀ lóru àkọ́kọ́. Ó tún gbóná díẹ̀, oyẹ́ oṣù Kejìlá sì máa ń mú ní àfẹ̀mọ́jú, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó dára fún fífọ̀ kò dára fún sísùn láìsí pákó tàbí aṣọ lábẹ́. Láásà àti Kọkéṣíàn ní tiwọn, ooru ọ̀sán ló lè pa wọ́n. Kí ẹ wò ó pé ibòòji àti afẹ́fẹ́ wà ní ibi tí wọ́n fẹ́ fi wọ́n sí ní agogo méjì ọ̀sán, kì í ṣe ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ nìkan.

Bébà kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ, kó má gùn. Orúkọ ajá, oúnjẹ rẹ̀ àti ìgbà tó ń jẹ ẹ́, oògùn tó ń lò, ohun tó ń bà á lẹ́rù, bóyá ó ti bu ẹnikẹ́ni jẹ rí. Ẹ má fi èyí tó kẹ́yìn yẹn pamọ́ nítorí ìtìjú, ọwọ́ ọmọlọ́mọ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà yín, ti dókítà, àti ti ẹnì kan nílùú náà tó lè dé ibẹ̀ láàárín wákàtí kan. Kí ẹ sì kọ ọ́ ní kedere pé tí ajá bá ṣàìsàn, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà láìdúró de ìdáhùn yín, àti iye owó tí wọ́n lè ná kí wọ́n tó rí yín bá sọ̀rọ̀. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ajá nírú ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń tọ́jú wọn ń bẹ̀rù láti ná owó onílé, fóònù onílé kò sì lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ, àárọ̀ ló dára jù, kó lè rí ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú onílé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: kílò 25. Kí wọ́n ya fídíò ara rẹ̀ láti orí dé ìrù. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi okùn lé ẹni náà lọ́wọ́, kí wọ́n sì lọ. Dídúró sẹ́nu ọ̀nà, gbígbá a mọ́ra, pípadà wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rù ló ń fi kún ti ajá.

Kó máà jẹun ní ọjọ́ kìíní kì í ṣe ohun àgbéyẹ̀wò. Tó bá di ọjọ́ kejì tí kò tíì fẹnu kan nǹkan, kí wọ́n pe dókítà. Kí wọ́n má dúró rárá tó bá ń bì tó sì ń ṣu gbuuru pọ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí kò mu omi. Fídíò ojoojúmọ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n ya èyí tí ajá ti ń rìn tó sì ń jẹun. Àwòrán ajá tó jókòó kò sọ ohun púpọ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó san owó tó kù. Kó jò díẹ̀ kì í ṣe tuntun, nítorí pé ọ̀pọ̀ ajá máa ń sáré ju bó ṣe yẹ níbẹ̀. Tí ó bá jẹ́ kílò 22 àti ààbọ̀ ni wọ́n bá a, ìdá mẹ́wàá ara rẹ̀ ti lọ, ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn. Kí wọ́n fọwọ́ wá inú etí rẹ̀, abẹ́ ọrùn, àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni eégbọn máa ń fara pamọ́ sí. Tó bá délé, á mu omi púpọ̀, á sì sùn bí ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ tó lọ. Kí wọ́n fún un ní omi díẹ̀díẹ̀ àti ìdajì oúnjẹ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n máa tẹ́tí sí ikọ́ tó gbẹ, tó dún bíi pé nǹkan há a lọ́fun. Ajá tí ó bá ń wú irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ajá mìíràn títí dókítà yóò fi wò ó. Títí di ìparí oṣù Kìíní, kí wọ́n máa ká ètè rẹ̀ sókè láràárọ̀ kí wọ́n wo èrìgì rẹ̀. Pupa rẹ́súrẹ́sú ló yẹ kó jẹ́. Tó bá funfun, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí omi ṣóbò, tí ara rẹ̀ sì gbóná, kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tí dókítà bá sọ pé ibà eégbọn ni, kí wọ́n pe kẹ́nẹ́lì náà lójú ẹsẹ̀, nítorí pé àwọn ajá tó bá a sùn níbẹ̀ lọ́dún ti padà sílé onílé wọn, kò sì sí ẹni tó tíì sọ fún àwọn yẹn pé kí wọ́n wo èrìgì.